Ìlà Tó Gún Lè Máa Parọ́: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bomi La Ògidì

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ewu kan wà lórí tábìlì yín. Kò ní òórùn. Kì í jó ọwọ́ bí ásíìdì. Kì í dún bí ìgò tó bọ́ lulẹ̀. Ìṣirò kékeré tí ẹ fi ń bomi la ògidì ni, èyí tí ẹ máa ń ṣe sẹ́yìn ìwé tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀, tí ẹ óò sì jù nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìṣirò yẹn bá yẹ̀, gbogbo èsì tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà ti yẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní sọ fún yín. Ìwé èsì yóò mọ́ tónítóní. Ẹ ó buwọ́ lù ú, ẹ ó fi í ránṣẹ́, àwọn ọmọdé yóò sì máa mu omi tí ẹ sọ pé ó dára.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ewu yìí wà. Ó wà. Ohun tí a lè jọ jiyàn lé lórí ni bó ṣe sún mọ́ yín tó, èmi sì ń sọ fún yín pé ó sún mọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan ṣoṣo: òjé inú omi kànga. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé inú omi mímu má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Lójú ẹ̀rọ, 10 µg/L ni wọ́n ń kọ ọ́. Òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà náà kò gbà kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n náà kéré, nítorí pé òjé kì í ṣe ohun tí ara ń tètè lé jáde. Inú egungun ló ń lọ sá pamọ́ sí, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bá jà jù. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí ìwọ̀n kankan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò pa ọmọdé lára. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tó ń jáde láti inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa àwọn ọmọdé tí wọn kò dín ní 400. Òjé inú omi kò ní àwọ̀, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò. Nọ́ńbà tó ti yàrá àyẹ̀wò jáde nìkan ni ojú tí aráàlú fi ń rí i. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ irọ́, afọ́jú ni gbogbo àdúgbò.

Níbo wá ni nọ́ńbà yẹn ti ń wá? Ẹ̀rọ kò mọ òjé. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ yín ń lò fún ìwọ̀n tó kéré báyìí máa ń kán omi díẹ̀ sínú ìléru gíráfáìtì, yóò mú un gbóná títí òjé inú rẹ̀ yóò fi di ìkùukùu àtọ́ọ̀mù, yóò wá tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì wo èyí tí òjé gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ìyẹn nìkan ló lè sọ. Kò lè sọ pé máíkírógíráàmù mélòó ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ óò kọ́ ọ. Ẹ óò gbé ọ̀wọ́ òṣùwọ̀n síwájú rẹ̀: omi òfìfo tí kò ní òjé, lẹ́yìn náà 5, 10, 20 àti 40 µg/L. Yóò ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fa ìlà la wọn já. Nígbà tí omi kànga bá dé, orí ìlà yẹn ni yóò ti wá ipò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá pè ní 10 ni yóò gbà ní 10. Bí ohun tí ẹ pè ní 10 bá jẹ́ 20 ní tòótọ́, kò ní jà yín níyàn. Yóò gbà á bẹ́ẹ̀, yóò sì fi parọ́ fún gbogbo kànga tó bá tẹ̀lé e.

Ògidì òjé tí ẹ ń rà nínú ìgò kékeré sábà máa ń jẹ́ 1000 mg/L. Ìyẹn ni mílígíráàmù 1000 nínú lítà kan, tàbí máíkírógíráàmù 1,000,000. Òṣùwọ̀n tí ẹ fẹ́ ṣe jẹ́ 10. Ẹ gbọ́dọ̀ bomi là á ní ìlọ́po 100,000. Ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fo ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà nínú fúláàsìkì mílílítà 100, ìdá kan nínú 1000 mílílítà kan ni ẹ óò bù nínú ògidì. Ẹ̀kán omi kan tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50. Kò sí ọwọ́ tó lè bu ìyẹn kó má ṣì í. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àbùlà àtẹ̀léra: a là á, a bù nínú èyí tí a là, a tún un là.

Gbogbo ìṣirò náà dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: òjé tí ẹ bù ni òjé tó wà nínú fúláàsìkì. Omi tí ẹ dà lé e kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
C1 × V1 = C2 × V2
```

C1 ni agbára ohun tí ẹ ń bù, V1 ni iye tí ẹ bù. C2 ni agbára tí ẹ fẹ́, V2 ni gbogbo omi tó wà nínú fúláàsìkì nígbà tí ẹ bá parí. Ẹ fi ojú sí V2 yẹn dáadáa. Kì í ṣe omi tí ẹ fi kún un. Gbogbo omi tó wà níbẹ̀ ni, pẹ̀lú èyí tí ẹ bù.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bu mílílítà 1 nínú ògidì 1000 mg/L sínú fúláàsìkì mílílítà 100, ẹ fi ásíìdì náítíríìkì tí a ti là sí ìdá 1 nínú 100 kún un dé àmì ọrùn rẹ̀. 1000 lọ́nà 1, ẹ pín in sí 100, ó di 10 mg/L. Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bu mílílítà 1 nínú 10 mg/L yìí sínú fúláàsìkì mílílítà 100 mìíràn, ẹ kún un dé àmì. Ó di 0.1 mg/L, èyí tó jẹ́ 100 µg/L. Ẹ pe eléyìí ní ìgò àárín. Ìgbésẹ̀ kẹta: láti inú ìgò àárín yìí nìkan, ẹ bu mílílítà 5, 10, 20 àti 40 sínú fúláàsìkì mẹ́rin tó jẹ́ mílílítà 100, ẹ kún wọn dé àmì. 5, 10, 20 àti 40 µg/L ló dúró níwájú yín yẹn. Ẹ yẹ ọ̀nà náà wò: ìlọ́po 100, lọ́nà 100, lọ́nà 10 fún òṣùwọ̀n 10. Ó jẹ́ 100,000. Ó bá ohun tí a sọ lókè mu. Bí ẹ kò bá lè sọ iye yìí lórí kí ẹ tó fọwọ́ kan pìpẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó rọrùn, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá rọrùn lójú ni ọwọ́ ń ṣe láìsí ọkàn níbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní kì í dúró dìgbà tí omi dé. Àwọn kan wà tí wọn kì í ra ògidì, tí wọ́n ń wọn ín fúnra wọn láti inú iyọ̀ òjé, ìyẹn òjé náítíréètì, Pb(NO3)2. Wọ́n fẹ́ 1000 mg/L, nítorí náà wọ́n wọn gíráàmù 1 géérégé, wọ́n sì yọ́ ọ sínú lítà kan. Irọ́ ti wọlé. Gíráàmù yẹn kì í ṣe òjé nìkan. Òjé jẹ́ 207.2 nínú 331.2 ìwúwo iyọ̀ náà. Ìyókù jẹ́ náítírójìn àti ọ́síjìn. Ohun tó wà nínú ìgò wọn jẹ́ 626 mg/L, wọ́n sì lẹ 1000 mọ́ ọn lára. Gíráàmù 1.5985 ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn lọ, títí ìgò náà yóò fi gbẹ, ohun gbogbo tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò tó iye tí wọ́n pè é. Kò sí fúláàsìkì tó lè tún un ṣe nísàlẹ̀. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú.

Àṣìṣe kejì wà lẹ́nu yín. Ẹ máa ń sọ pé, “là á ní 1 sí 10.” Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹnìkan gbọ́ ọ, ó bu mílílítà 1, ó kún un títí gbogbo rẹ̀ fi di 10. Ẹnìkejì gbọ́ ọ, ó bu mílílítà 1, ó da omi 10 lé e, gbogbo rẹ̀ wá di 11. Àwọn méjèèjì kọ ohun kan náà sára ìgò. Ẹ má sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Nínú ìgbésẹ̀ kan, bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀ láti 1000 mg/L dé 10 µg/L yóò gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ yóò là á ní ìlọ́po 100,000. Ẹnìkejì yóò là á ní 11 lọ́nà 11, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìyẹn 161,051. Ìgò tó kọ 10 sí lára kò ní ju 6.2 lọ.

Kí ni ẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Òṣùwọ̀n ti fẹ́lẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun gbogbo tí ẹ bá fi wọ̀n yóò pọ̀ ju òtítọ́ lọ. Kànga tí òjé rẹ̀ jẹ́ 7 yóò jáde ní 11.3. Ẹ ó kọ̀wé pé kò dára. Wọ́n á ti kànga náà pa. Àwọn obìnrin àdúgbò á gba odò lọ. Omi odò ni wọn óò máa pọn fún ọmọ mu, nítorí mílílítà omi kan tí ẹ fi kún un ju èyí tó yẹ lọ. Ẹ má tún sọ “1 sí 10” mọ́. Ẹ sọ pé “mílílítà 1, kún un dé 10.” Gbólóhùn náà gùn díẹ̀. Ó tọ́ sí i.

Àṣìṣe kẹta ni pé àbùlà àtẹ̀léra ń jogún. Ohun tí ìgò òkè bá ní, ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé pìpẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ti gbó, tí kò lè tú mílílítà 1 jáde mọ́ ju 0.97 lọ. Ìdá 3 nínú 100 ló dín. Ẹ kò ní fojú rí i. Bí ẹ bá fi sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, ìdínkù náà yóò máa gun ara wọn lẹ́yìn: 0.97 lọ́nà 0.97 títí yóò fi di márùn-ún. Ohun tí ẹ pè ní 10 yóò di 8.6. Bí ẹ bá gba ìgbésẹ̀ méjì péré sọ̀ kalẹ̀ bí mo ti là á sílẹ̀ lókè, ìpàdánù náà kò ní kọjá ìdá 6 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ díẹ̀ tó gùn, kí ẹ wá fọ́n ká láti inú ìgò àárín kan. Ẹ má ṣe 5 láti inú 10, 10 láti inú 20, 20 láti inú 40, kìkì nítorí pé ó dín fúláàsìkì tí ẹ óò fọ̀ kù. Ẹni tó ń sá fún fífọ fúláàsìkì ń pe ẹbí àṣìṣe wálé.

Pìpẹ́ẹ̀tì gíláàsì tó dára, èyí tó ń bu mílílítà 1 kan ṣoṣo, kì í yẹ̀ ju ìdá kan nínú 100 lọ bí ọwọ́ bá mọ́. Ẹ lò ó fún àwọn ìgbésẹ̀ òkè. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìtẹ̀bà ojú omi, kí ojú yín wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú àmì. Àwọn tó ń wò ó láti òkè ń ka irọ́. Èyí tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí òṣùwọ̀n ìwúwo. Ẹ fi bu mílílítà 1 omi mímọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá tó jẹ́ dígíríì 20 sẹ́lísíọ̀sì, mílílítà kan omi wúwo tó gíráàmù 0.998. Bí ẹ bá ń rí 0.97, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí. Kì í ṣe ọ̀la.

Mo ti ń sọ ti àṣìṣe tó ń mú òṣùwọ̀n fẹ́lẹ́. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń mú un ki. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni. Fúláàsìkì mílílítà 100 ti tán lórí pẹpẹ, wọ́n wà nínú omi ọṣẹ. Ọ̀dọ́mọdé kan mú fúláàsìkì mílílítà 50, ó bu mílílítà 1 ògidì sí i, ó kún un dé àmì, ó sì kọ 10 mg/L sí i lára nítorí pé ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 20. Láti ibẹ̀ lọ, ó ṣe gbogbo nǹkan bó ti yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìgò àárín tó pè ní 100 jẹ́ 200. Ọ̀wọ́ òṣùwọ̀n tó pè ní 5, 10, 20 àti 40 jẹ́ 10, 20, 40 àti 80. Ó gbé wọn fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ fa ìlà.

Báwo ni ìlà náà ṣe rí? Ó gún régé. Ìlọ́po méjì ni gbogbo wọn, nítorí náà ipò wọn sí ara wọn kò yí padà. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, R² tí ẹ máa ń yọ̀ mọ́, ó ka 0.999. Ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kànga. Kànga tí òjé rẹ̀ jẹ́ 16 µg/L jáde ní 8. Ó kéré sí 10. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára. Ìdílé tó ni kànga náà gba ìwé èsì, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n kò ní tún bẹ̀rù omi yẹn mọ́. Wọ́n á fi po ògì. Wọ́n á fi po wàrà fún ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, wọ́n á ní aláìgbọ́ràn ni. Kò sí ẹni tí yóò rántí fúláàsìkì.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ èyí kó yé yín: R² kò mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n yín tọ́. Ohun tó mọ̀ ni bóyá wọ́n wà ní ìlà kan náà. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ nínú fúláàsìkì kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀, ìlà yóò tú u fó, nítorí ọ̀kan yóò yà kúrò lára àwọn yòókù. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ lókè, kí wọ́n tó fọ́n ká, gbogbo wọn ni yóò gbé lọ pọ̀, ìlà kò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá fi R² búra lórí òdodo èsì rẹ̀ ti fi ohun tí kò mọ̀ búra.

Ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, “A máa ń fi òjé tí a mọ iye rẹ̀ kún omi kànga, kí a wò ó bóyá ẹ̀rọ yóò rí i padà. Ìdá 100 nínú 100 ló ń rí.” Níbo ni ẹ ti bu òjé tí ẹ fi kún un? Láti inú ìgò àárín kan náà. Ìdáhùn ti jáde. Bí ẹni tó ń ta gàárì bá ní kóńgò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wọnú, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kóńgò náà pé, kì í ṣe kóńgò yẹn kan náà ni yóò fi wọn gàárì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Yóò pé lójú ara rẹ̀ títí ayé. Ohun tí ẹ fi kún un jẹ́ ìlọ́po méjì, òṣùwọ̀n tí ẹ fi kà á jẹ́ ìlọ́po méjì, méjèèjì sì fagi lé ara wọn. Àyẹ̀wò yẹn wúlò láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn inú omi ń dí òjé lọ́wọ́. Kò wúlò láti mọ̀ bóyá ẹ la ògidì bó ti yẹ.

Ohun tó lè tú u fó jẹ́ méjì, kò sì sí àwáwí fún ẹni tí kò ṣe wọ́n. Èkíní ni ìgò kejì. Ẹ ra ògidì òjé mìíràn, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tàbí tí ó kéré tán kò sí nínú ìpèsè kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Kí ẹlòmíràn là á, pẹ̀lú fúláàsìkì mìíràn, láìwo ìwé ẹni àkọ́kọ́. Kó ṣe òṣùwọ̀n 20 µg/L kan. Gbàrà tí ẹ̀rọ bá ti fa ìlà tán, kí kànga kankan tó wọlé, ẹ kà á. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín 18 sí 22. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́ yẹn lo fúláàsìkì 50, òṣùwọ̀n ìgò kejì ì bá jáde ní 10. Ìtìjú yóò wà ní yàrá náà fún wákàtí kan, ọmọ kan kò sì ní mu òjé.

Èkejì ni ìwé ìrántí. Ẹ máa kọ iye ìmọ́lẹ̀ tí òṣùwọ̀n 20 gbé mì lójoojúmọ́, lójú ìwé kan náà, ní ìsàlẹ̀ ara wọn. Ẹ̀rọ tí kò yí padà kì í sábà fò láti 0.080 lánàá sí 0.160 lónìí. Bí ó bá fò bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ má tẹ̀síwájú. Ẹ má sọ pé gílóòbù ẹ̀rọ tàn dáadáa lónìí. Ẹ da gbogbo òṣùwọ̀n náà sínú ìkòkò ìdọ̀tí olóró tí a yà sọ́tọ̀, kì í ṣe ojú ọ̀gbàrá, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ògidì.

Ẹ tún ṣọ́ ìgò fúnra rẹ̀. Òjé tó kéré báyìí máa ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ní ásíìdì. Ẹni tó bá fi omi lásán la òṣùwọ̀n 5 láàárọ̀ lè má bá 5 nínú rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, bí ìṣirò rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ásíìdì náítíríìkì kan náà ni kí ó wà nínú òṣùwọ̀n, nínú omi òfìfo, àti nínú omi kànga. Àwọn òṣùwọ̀n tó kéré, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣe wọ́n ní tuntun. Ìgò ògidì tí ẹ ṣí sílẹ̀ títí omi fi fà nínú rẹ̀ ti ki ju orúkọ rẹ̀ lọ, ẹ sì ti rí ibi tí òṣùwọ̀n tó ki ń gbé ènìyàn lọ.

Ìkẹyìn nínú àwọn àṣìṣe yìí kò sí lára òṣùwọ̀n rárá. Kànga kan lè pọ̀ ju 40 lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ na ìlà kọjá ibi tí ẹ fi òṣùwọ̀n dé. Ẹ óò bu mílílítà 10 nínú omi kànga náà, ẹ óò kún un dé 100, ẹ óò tún un kà. Ó jáde ní 9. Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú re ilé ti kọ 9 sílẹ̀. Ó kéré sí 10, ó dára. Rárá o. 90 ni. Ẹ gbàgbé láti fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sì fọwọ́ sí májèlé. Ìgbà tí ẹ bá ń la omi kànga ni kí ẹ kọ iye ìlọ́po náà sára ìgò rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí èsì bá jáde.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ìran òde òní yóò sọ. Ẹ̀rọ yín tuntun ni. Kọ̀ǹpútà ń ṣírò rẹ̀ fún yín. Apá ẹ̀rọ ń bu omi fúnra rẹ̀. Ta ló tẹ “10” sínú kọ̀ǹpútà náà? Ta ló gbé ìgò àárín sábẹ́ apá ẹ̀rọ náà? Ẹ̀rọ tuntun ń ka irọ́ yín kíá ju ti àtijọ́ lọ ni. Ní àtijọ́, àṣìṣe kan lè ba kànga mẹ́wàá jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lónìí, kó tó di ọ̀sán, ó ti ba 60 jẹ́.

Ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Ẹ lọ sí pẹpẹ yín lónìí, kí ẹ yẹ gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀ wò. Ìgò tí kò bá ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ òṣùwọ̀n rẹ̀, ìgò tí wọ́n ti bù ú, iye tí wọ́n bù, fúláàsìkì tí wọ́n kún, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn ń méfò ni. Ẹ dà á nù síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èsì oṣù tó kọjá jáde, kí ẹ wá ọjọ́ tí ẹ̀yin kò ka òṣùwọ̀n ìgò kejì. Gbogbo kànga tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, ẹ padà lọ bu omi wọn.